Ọgọ́ta Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ba òwò Ìyá Qoreebah jẹ́ ní Bouaké, kó má wulẹ̀ wádìí jìnnà. Èmi ni. Mi ò jí i lówó, mi ò bá a jà, mi ò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa lẹ́yìn. Iṣẹ́ kíláàsì ni mo kọ. Ojú ewé kan péré ni, ìbéèrè mẹ́rin: méjì lórí èlé orí ojú owó nìkan, ọ̀kan lórí èlé tó ń gun orí èlé, ọ̀kan lórí èrè nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbéèrè kẹrin yìí ló pa wá.

Sheriffdeen Adétọ́lá lorúkọ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Oṣù kìíní ọdún yìí ni mo dé Bouaké, ìlú ọjà kan lókè Abidjan, láti Nàìjíríà, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nínú ẹ̀kọ́ òwò àti báàgì kan. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà níbí ní ilé-ìwé kékeré kan, yàrá mẹ́ta lẹ́yìn mọ́sálásí, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń kàwé lédè Òyìnbó kí wọ́n tó lọ ṣe ìdánwò àṣejáde nílé. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún fáráǹkì ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Mo ka ara mi sí ẹni tó wá la àwọn èèyàn lójú. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n torí rẹ̀ pa òwe náà.

Ìwé tí mo bá nílé-ìwé ti gbó, gbogbo àpẹẹrẹ inú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ń ra kẹ̀kẹ́ tó ń ta kẹ̀kẹ́, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí. Àwọn ọmọ ń sùn. Mo wá ní ó ti tó. Mo ní, "Ọmọ oníṣòwò ni gbogbo yín. Kí oníkálùkù lọ bi àwọn òbí rẹ̀ nípa ọjà kan ṣoṣo: èló ni wọ́n rà á, èló ni wọ́n tà á? A ó fi ṣe ìṣirò èrè."

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ìdáhùn mẹ́rìnlélógún. Ràímì, tí bàbá rẹ̀ ń ta táyà alùpùpù, kọ pé wọ́n ra táyà kan ní 9,500, wọ́n tà á ní 10,000. Ẹlòmíràn ní ìyá òun ra ìborùn ní 1,900, ó tà á ní 2,000. Ọmọ kan tilẹ̀ kọ pé iye tí wọ́n rà á náà ni wọ́n tà á, nítorí Ọlọ́run. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ lójú pátákó: a pín èrè sí iye tí a rà á, a fi ọgọ́rùn-ún sọ ọ́ di púpọ̀. Kò sí èyí tó ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Mo ní, "Ṣé sàráà ni àwọn òbí yín ń ṣe lọ́jà ni? Ta ló kọ́ ilé alájà kan tó wà ládùúgbò Ràímì, ṣé èrè ìdá márùn-ún ló kọ́ ọ?" Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ wáàsí: mo ní Ọlọ́run sọ pé ká wọn òṣùwọ̀n wa kó pé, mo ní ẹni tó bá parọ́ nínú ìṣirò, ara rẹ̀ ló ń parọ́ fún. Gbogbo ẹnu ni mo fi sọ ọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí: ọmọ tí oníṣòwò bá tọ́ dàgbà ní Bouaké, bí wọ́n bá ti já a lẹ́nu ọmú ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé iye tí a ra ọjà kì í jáde lẹ́nu. Oníbàárà kì í gbọ́ ọ, aládùúgbò kì í gbọ́ ọ, àna pàápàá kì í gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, iye tó sún mọ́ owó tí a ń tà á ni a ó sọ, ká sì fi ìbúra díẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ya òpùrọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Qoreebah nìkan ló dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Sèlíátù ni ìyá rẹ̀, opó tó ń ta ike lọ́jà, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan lọ́nà Gonfreville. Ó na ìwé kékeré kan sí mi. "Tíṣà, iye tí mo kọ́kọ́ kọ kì í ṣe òótọ́. Èyí ni òótọ́." Bàsíà ike ńlá, èyí tí wọ́n fi ń ru iṣu: wọ́n rà á ní 1,250, wọ́n tà á ní 2,000.

Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́ fún un. Èrè 750 lórí 1,250: ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó gún régé, kò ní àṣẹ́kù. Olùkọ́ wo ni kò ní fẹ́ràn irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀? Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo kọjá lọ́jà, mo ya àwòrán Sèlíátù níwájú ìsọ̀ rẹ̀, òun pẹ̀lú bàsíà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín nítorí ó rò pé mo fẹ́ fi hàn àwọn ará ilé. Mo fi àwòrán náà sí ìbéèrè kẹrin. Mo kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo kọ 1,250, mo kọ 2,000, mo sì kọ ìdáhùn sẹ́yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ: 60%. Nígbà tí Qoreebah rí i, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Mo rò pé ìtìjú ni.

Ọ̀dọ̀ Franck ni mo ti ṣe fótókópì rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé, àwọn onílẹ̀ ibí, ni Franck, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún, ó sì máa ń bọ̀wọ̀ fúnni. Kò gbọ́ èdè Òyìnbó tí a fi kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá gbọ́ èdè Òyìnbó kó tó mọ 1,250 yàtọ̀ sí 2,000? Ó wo àwòrán náà, ó wò ó, ó sì gbé fóònù rẹ̀, ó yà á. Mo dúró níbẹ̀, mo ń ka ẹyọ owó. Mo tilẹ̀ rò pé iṣẹ́ mi ló wù ú.

Ìyá Franck ni Monica, ìyá kan ní Djébonoua, ìlú kékeré lẹ́bàá Bouaké, tó ń ta nǹkan fún àwọn obìnrin tó ń ru iṣu. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gba bàsíà lọ́wọ́ Sèlíátù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: Sèlíátù á ra irinwó bàsíà ní Abidjan, á kó o fún Monica láìgba kọ́bọ̀, Monica á tà á títí ọjà iṣu yóò fi parí, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni yóò san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, ẹgbẹ̀rún méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá tà, ó lè dá a padà. Sèlíátù fúnra rẹ̀ ló ṣe ìlérí yẹn lọ́dún àkọ́kọ́, kò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí. Owó yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Owó yẹn náà ni Qoreebah ń fi san owó ìdánwò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ku 13,500 kó pé, bí Monica bá sì ti san tọdún yìí, yóò pé.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn fótókópì ni Monica wá sí ìsọ̀. Qoreebah ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kòkòrò ta. Monica kò pariwo. Ó na fóònù Franck síwájú, ó sì fi Dioula sọ̀rọ̀, èdè tí gbogbo ọjà gbọ́.

"Sèlí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń pè ọ́ ní àbúrò mi. Nígbà tí ọkọ rẹ kú, ta ló gbé iṣu àti ewúrẹ́ wá? Ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún! Lórí èmi?"

Sèlíátù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé àwòrán rẹ kọ́ nìyí? Ṣé bàsíà rẹ kọ́ nìyí? Franck ti ṣe ìṣirò fún mi. Tí o bá jẹ 250 lórí 1,250, ogún nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ó tó fún ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni màá san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Nígbà tó lọ tán, àwọn tó wà nísọ̀ òsì àti ọ̀tún ti gbọ́. Sèlíátù yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó bi í pé, "Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn?" Qoreebah kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Tíṣà ní ká sọ òótọ́." Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó ní kó dìde, kí aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ má dọ̀tí.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ìtìjú bá mi, ṣùgbọ́n, kí n má parọ́, ìgbéraga mi ṣì tóbi ju ìtìjú náà lọ. Mo lọ bá Sèlíátù nísọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ìṣirò ló dá a sílẹ̀, ìṣirò ni yóò tún un ṣe. Ọgọ́ta yẹn kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́ tó kù, ká gbé e lọ fún un."

Ó wò mí. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin ẹ mọ̀wé. Bó bá máa ràn wá lọ́wọ́, ẹ ṣe é."

Ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá ìkàwé tó ṣófo, Qoreebah dúró sídìí pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ sì jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, ó ń dáhùn ìbéèrè wa. Irinwó bàsíà, 1,250 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 500,000. Níbo ni ẹ ti rí 500,000, mà? Lọ́wọ́ Issa ni. Issa ń ta gòólù, ó sì ń yá àwọn èèyàn lówó. Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀, òun nìkan ló gbà láti yá Sèlíátù lówó láìsí onídùúró. Àwọn alfa ní èèwọ̀ ni èlé, Sèlíátù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn alfa kò sì yá a lówó. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni lóṣooṣù, kò sì ń gbà á díẹ̀díẹ̀: ọjọ́ tó bá pé ni yóò gba gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Qoreebah, ká ní orí ojú owó nìkan ni èlé ń gùn, èló ni?"

"Ojú owó, a fi ìdá sọ ọ́ di púpọ̀, a fi oṣù sọ ọ́ di púpọ̀, a pín in sí ọgọ́rùn-ún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìdá mẹ́wàá, oṣù mẹ́rin. Ó jẹ́ 200,000."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Issa ṣe ń kà á?"

"Rárá, sà. Èlé oṣù kan ń di ojú owó oṣù kejì." Ó kọ ọ́ sílẹ̀ láìwo ojú mi: oṣù kìíní, 550,000. Oṣù kejì, 605,000. Oṣù kẹta, 665,500. Oṣù kẹrin, 732,050. "Èlé jẹ́ 232,050."

Ó tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Tí Monica bá san 2,000 lórí irinwó, 800,000 ni. Yọ 732,050 ti Issa, ó ku 67,950. Yọ owó mọ́tò láti Abidjan, 30,000, ó ku 37,950. Yọ owó ìsọ̀ fún oṣù mẹ́rin, 24,000. Ẹfun náà dúró. 13,950 ló kù.

Gbogbo wa wo nọ́ńbà yẹn. Oṣù mẹ́rin nìyẹn o. Mo pín in sí 500,000 lórí ìwé mi: kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ tó parọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní, ìdá márùn-ún tí wọ́n kọ tilẹ̀ ju èrè obìnrin yìí lọ. Mo bojú wo Sèlíátù bóyá ẹnu á yà á. Ẹnu ò yà á rárá. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́sàn-án wá. Kò kàn rí i rí lára pátákó ni. Ó ní, "Owó ìdánwò rẹ̀ á jáde níbẹ̀, á sì ku irinwó ó lé àádọ́ta." Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ dùn mí, torí ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń dúpẹ́.

Ká ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ni Monica san, 600,000 ni yóò jẹ́. Kò ní tó san ti Issa.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn tí Monica ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, èmi àti Qoreebah wọ gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré ibẹ̀, lọ sí Djébonoua. Mo ti ní kó da gbogbo ìṣirò náà kọ sínú ìwé funfun, ó sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ gbogbo àròpọ̀. Monica wà níwájú ilé rẹ̀, àwọn bàsíà wa tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òkìtì iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Franck náà wà níbẹ̀, ó wá kí ìyá rẹ̀. Wọ́n fún wa lómi mu. Qoreebah kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Táńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo gbogbo rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú sí ìyá mi."

Ó sì kọ́ ọ, ní Dioula, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí ọmọ tó kọ́ni dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ṣàlàyé bí èlé oṣù kan ṣe ń bímọ lóṣù kejì, ó fi bàsíà ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ṣe àpẹẹrẹ. Franck ń tẹ fóònù rẹ̀ tẹ̀lé e. Ní ìparí, ó ní, "Màmá, ó pé. Kò sí irọ́ níbẹ̀." Inú mi dùn. Mo rò pé a ti borí.

 Ojú Monica rọ̀. Ó ní, "Nítorí náà, àbúrò mi kò jẹ mí." Qoreebah ní, "Rárá, Táńtí." Monica ní, "Ọlọ́run má bínú sí mi." Ó gba ìwé náà, ó fi ìka sórí 232,050, ó bi Franck pé kí ni èyí jẹ́ lórí bàsíà kan ṣoṣo. Franck pín in sí irinwó. Ó ní 580 àti díẹ̀.

"580. Ti Issa nìyẹn, lórí bàsíà kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Qoreebah dáhùn.

"Nítorí pé èmi ń pẹ́ oṣù mẹ́rin kí n tó sanwó?"

Qoreebah wojú mi. Mo mi orí pé kó dáhùn. Ta ni yóò mi orí bí kò ṣe èmi? "Bẹ́ẹ̀ ni, Táńtí."

Monica bú sẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Ọmọ mi, ìyá rẹ kò bi mí rí bóyá mo lówó. Àwìn ni mo bá, mo gba àwìn, torí mo rò pé ọ̀fẹ́ ni. Owó tí mo fi pamọ́ sọ́dọ̀ Franck tó, ó jókòó lásán. Kí ló dé tí mo fi ń san èlé orí owó tí mo ní?" Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "1,250 ní Abidjan. Mọ́tò ńkọ́?"

Franck ní, "30,000 lórí irinwó. Márùndínlọ́gọ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 1,325 ni yóò bá yín dé ilé."

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé lẹ́gbẹ̀rún méjì ni Monica ń ta bàsíà rẹ̀. Orí mi, orí burúkú tí kò lè dákẹ́, ṣe é lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: èrè 1,175 lórí 1,325, ó lé ní ìdá méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní olè, torí kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ síbi kankan. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ti wa tilẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: a gbé òtítọ́ wá fún oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì rà á.

Mo gbìyànjú. Mo ní, "Ṣùgbọ́n, Màmá, ọdún mẹ́sàn-án..."

"Mo mọ̀," ni Monica wí, ojú rẹ̀ sì bàjẹ́ lóòótọ́. "Mi ò ní rẹ́ ẹ jẹ. Ọjà iṣu kò yá lọ́dún yìí, ogóje ni mo ti tà. Ẹgbẹ̀rún méjì méjì tí a jọ sọ ni màá san lórí wọn, mi ò ní yọ fáráǹkì kan. Ìyókù, màá dá a padà, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi àti Franck á lọ sí Abidjan." Ó wọlé, ó gbé iṣu márùn-ún fún wa pé ká bá òun kí Sèlí. A gbé iṣu náà wọ gbáká. Qoreebah gbé méjì nínú rẹ̀ lé itan títí a fi dé Bouaké.

Ní ọjọ́ Tuesday, mọ́tò já ọgọ́ta lé nígba bàsíà sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ Sèlíátù, Franck sì ka 280,000 sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Monica kò hùwà àìdáa kankan. Èyí gan-an ló ń dùn mí jù. Ká ní ó hùwà àìdáa, ǹ bá rí ẹni bínú sí yàtọ̀ sí ara mi.

Mo mú 13,500 nínú owó oṣù mi, mo gbé e lọ fún Sèlíátù fún ìdánwò ọmọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ṣàdúrà fún mi, fún ìyá mi, fún ọmọ tí mi ò tíì bí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ Issa pé, ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún un, 280,000 pẹ̀lú 13,500 tèmi. Kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní, "Tíṣà, ẹ foríjì mí, gbèsè la kọ́kọ́ ń san." Issa náà kò jà. Ó mu omi, ó ní kò sí wàhálà, kí èyí tó kù máa bá ìṣirò lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. 438,550 ló kù.

Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí. Ó ní àwọn òbí bínú, kí n má tún béèrè iye ọjà ẹnikẹ́ni mọ́. Kò lé mi, torí kò sí olùkọ́ mìíràn. Mo padà sídìí ọkùnrin tó ń ta kẹ̀kẹ́, àwọn ọmọ sì padà sùn. Àga kan ṣófo ní iwájú. Àwòrán Sèlíátù ti wà nínú Wásáàpù gbogbo ọjà nígbà náà, Baoulé, Dioula àti àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago; ẹni tó bá fẹ́ ra bàsíà, fóònù ló fi ń ná an.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo lọ kí wọn láàárọ̀. Àwọn bàsíà náà ga dé àjà ìsọ̀. Qoreebah wà níbẹ̀, aṣọ ọjà ló wọ̀, ó ń fi àkísà nu eruku orí wọn. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà." Sèlíátù ní kí n jókòó, ó gbé àpótí fún mi. A sọ̀rọ̀ ilé díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Tíṣà, mo fẹ́ bi yín ní ìṣirò kan. Nínú gbogbo ohun tí mò ń tà, ogójì ẹgbẹ̀rún ni mo lè fún Issa lóṣooṣù. Ó ti gbà báyìí pé òun á máa gbà á díẹ̀díẹ̀. Oṣù mélòó ni yóò gbà kó tó tán?"

Mo mú bírò jáde. Mo kọ 438,550. Èlé oṣù kan jẹ́ 43,855. Mo fi kún un, mo yọ 40,000: 442,405. Oṣù kejì, èlé 44,240 àti ààbọ̀. Mo yọ 40,000: 446,645 àti ààbọ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká ní ẹ lè fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kún un, mo ní bóyá ká lọ bẹ Issa, mo ní kò sí ohun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Mò ń sọ gbogbo ohun tó yàtọ̀ sí ìdáhùn.

Qoreebah ló dáhùn, láti ibi tó ti ń nu bàsíà. Kò tilẹ̀ yíjú padà. "Kò ní tán, Ìyá. Ohun tí ẹ̀ ń san kò tó èlé. Bí ẹ ṣe ń san án ni yóò máa pọ̀ sí i."

Sèlíátù mi orí. "Mo mọ̀," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí Tíṣà gbọ́ ọ ni."

Mo ti bírò padà sápò. Oníbàárà kan dúró, obìnrin kan láti Languibonou pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan bàsíà, ó béèrè iye rẹ̀. Qoreebah ní ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún. Láìka owó mọ́tò, àádọ́ta fáráǹkì ni èrè, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin náà ní ó ti wọ́n jù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.